Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ níwájú ọmọ Ìbàdàn: ibo ni oríkì ti ń wọlé?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ ọmọ Ìbàdàn níbí ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ nítorí kíláàsì Yorùbá tí mò ń ṣe fáwọn ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú kíṣìnnì mi. Ọmọ Ìbàdàn lọkọ mi, Ìjẹ̀ṣà ni bàbá tèmi. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi, mo wá túmọ̀ rẹ̀ báyìí: 'Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ yìí. Mi ò lè dá a ṣe ní èmi nìkan. Mo yà á sọ́tọ̀ fún màmá mi tó ti kú.' Ọkọ mi ní kò dùn létí. Mọ́gàjí kan máa wà níbẹ̀. Báwo ni kí n ṣe tún un ṣe, oríkì wo ni mo sì lè fi sí i?"

Ìyàwó wa, ẹ kú oríire. Ẹ wo bí gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bẹ̀rẹ̀: mo, mi, mo. Ẹni tó bá ń dúpẹ́ lédè wa, ẹni tó ṣe é lóore ló máa ń fi ṣíwájú ọ̀rọ̀. Nítorí náà, "mo gba" yóò di "ẹ fún mi", "ẹ kà mí yẹ", "ẹ kà mí kún". Bí ẹ bá ti yí ìyẹn padà, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ẹ yọ "ìrẹ̀lẹ̀" kúrò pátápátá. Ẹlòmíràn ló ń sọ pé èèyàn níwà ìrẹ̀lẹ̀. Bí a bá fi ẹnu ara wa sọ ọ́, a ti ń yin ara wa nìyẹn. Orúnkún lobìnrin fi ń sọ ọ́. Kí ẹ tó gba àmì ẹ̀yẹ náà, ẹ kúnlẹ̀ fún Mọ́gàjí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ẹ tó wá síbi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo ilé á ti rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ kí ẹ fẹnu sọ.

Ẹ má pe Mọ́gàjí ní Kábíyèsí o. Olórí agboolé ni Mọ́gàjí nílùú Ìbàdàn, ìdí àkàsọ̀ tó ń lọ sórí oyè Olúbàdàn ló wà. "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀", Olúbàdàn ni ẹ ó fi kí láti òkèèrè, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó. "Ikú bàbá yèyé" tí àwọn èèyàn máa ń jù sókè níbi ìnáwó, Aláàfin Ọ̀yọ́ ló ni ín. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn jù lọ ni pé ìyàwó ilé ni yín. Ìyàwó ló ń ki ọkọ. Nínú agboolé àtijọ́, àwọn obìnrin ilé ló mọ oríkì ìdílé délẹ̀ ju àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ lọ, òun ni wọ́n fi ń jí ọmọ láàárọ̀. Nítorí náà, ẹ má pe àwọn tó jókòó níbẹ̀ ní "ẹ̀yin ará". "Ẹ̀yin ọkọ mi" ni kí ẹ pè wọ́n, tọkùnrin tobìnrin wọn, títí kan ọmọ ọwọ́. Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin á yọ, wọ́n á dáhùn.

Oríkì tó gbajúmọ̀ jù ni "Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun". Oríkì ìlú jagunjagun ni, àwa ọmọ onílùú a sì máa fi rẹ́rìn-ín láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ wálé, tó ń gba ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wa, kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ olè ṣe? Ẹ dúró sí "nílé Olúyọ̀lé".

Èyí tó bá yín mu ni "ọmọ ajòro-sùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu". Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, Lágelú àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá gun òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n fi ń po ẹ̀kọ mu. Ìlú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkarahun ni. Kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ nínú kíṣìnnì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin ńkọ́? Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, oríkì náà á ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, kò ní jẹ́ ohun tí a kàn lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti ìyá yín, "tó ti kú" le jù láwùjọ. Ẹ sọ pé wọ́n ti sùn. "Yà á sọ́tọ̀" sì dà bí ohun tí a fẹ́ gbé sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìyá mi ló ni ín" ti tó. "Ìyá ni wúrà" ti gbó lẹ́nu gbogbo wa. Ohun kan tí ìyá yín máa ń ṣe gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Mo fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Bí ẹ bá pòwe níwájú àgbà, ẹ fi "tótó, ó ṣe bí òwe" tẹ̀ lé e, kí ẹ sì dánu dúró kí wọ́n lè dá yín lóhùn pé ẹ ó pa òmíràn. Ẹ má pa ju ẹyọ kan lọ. Mo yan ti pẹpẹ àti kèrègbè nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé àti àgbà lẹ̀ ń bá wí.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí:

"Mọ́gàjí, orúnkún mi wà nílẹ̀, ẹ pẹ́ fún wa. Olúbàdàn wa nílé, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ mi, tọkùnrin tobìnrin, ìyàwó yín ló ń kí yín o.

"Ìbàdàn, nílé Olúyọ̀lé! Ọmọ ajòro-sùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu! Ìkarahun ni kíláàsì wa náà fi bẹ̀rẹ̀: tábìlì ìjẹun kan, ọmọ mẹ́rin, ìwé àlòkù. Ẹ̀yin lẹ gbé àwọn ọmọ yín wá nínú òtútù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì. Ẹ gbè mí, ẹ kà mí yẹ, ẹ ṣeun.

"Ìyá mi ló ni ẹ̀yẹ yìí. [Ohun tí wọ́n máa ń ṣe.] Wọ́n ti sùn, bí wọ́n bá wà níbí ni, àwọn ni wọn ì bá kọ́kọ́ dìde jó.

"Bí ẹ ṣe yẹ́ mi sí, Ọlọ́run á yẹ́ ọmọ yín sí. Ẹ̀yin náà á rẹ́ni yẹ́ yín sí. A ò ní fẹkún gbẹ̀yìn ayọ̀."

Lẹ́yìn gbólóhùn àdúrà kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró gba "Àmín" kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. "Ọlọ́run" ni mo lò nítorí pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni yóò kún ibẹ̀. Ẹ má sì tún padà sọ "ẹ ṣé, ẹ ṣé" lẹ́yìn Àmín tó gbẹ̀yìn.

Ẹ ó rí i pé mi ò fi oríkì Ìjẹ̀ṣà sí i. Ẹni tó ń dúpẹ́ kì í ki ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ bá onígangan kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ilé bàbá yín fún un. Bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, á fi ìlù pè yín ní ọmọ Ọbokùn, kí ẹ wá jó o.