Ọwọ́ òsì tí kò hàn nínú fọ́tò

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Fọ́tò kan ṣoṣo ni a ní tí ìyá bàbá mi fi wà pẹ̀lú gbogbo ọmọ rẹ̀. Mo ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, kò tíì wọlé tán tí fóònù fi kú, ikán sì ti jẹ ojúlówó rẹ̀ nílé. Wọ́n ní èmi ni màá sọ̀rọ̀ nípa màmá níbi ìsìnkú ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orí fọ́tò yẹn ni mo sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi kà. Ẹnu nìkan ni mo lè fi júwe rẹ̀ báyìí: màmá jókòó láàárín, bàbá dúró lẹ́yìn wọn, ọmọ márùn-ún yí wọn ká. Báwo ni kí n ṣe é?"

Ẹ kú àràfẹ́rakù màmá. Irú ọ̀ràn yìí ló bá mi ní Kétu nígbà tí ìyá mi kú. Mo ṣi ẹsẹ̀ gbé ní ibi méjì kí n tó mọ ọ̀nà, mo sì fẹ́ sọ méjèèjì fún yín.

Ẹ fi alẹ́ kan péré wá fọ́tò náà. Ẹ bi gbogbo ẹni tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí rí lórí WhatsApp. Tí fóònù Android tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ wo inú `WhatsApp Images`, kí ẹ sì ṣí `Sent` tó wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀dà ohun tí a fi ránṣẹ́ máa ń wà. Tó bá jẹ́ pé ó ti wọ Google Photos rí, tí ẹnì kan wá pa á rẹ́, ó máa ń wà nínú `Trash` fún 60 ọjọ́. Èmi wo gbogbo rẹ̀, n kò bá nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a, ọjọ́ mẹ́rin tó yẹ kí n fi bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe tí kò dáa ni pé mo pe àwọn mẹ́rin tó mọ fọ́tò náà jọ sí pálọ̀, mo ní kí wọ́n júwe rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ni gbogbo wọn ṣe gbà á, àwọn tó kù kàn ń mi orí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo rò pé ẹ̀rí mẹ́rin ni mo ní. Ẹ̀rí kan ni. Nígbà tí mo padà lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo jókòó ti olúkúlùkù nínú yàrá rẹ̀, fọ́tò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n júwe fún mi. Nítorí náà, ẹ má ṣe pè wọ́n jọ. Ẹ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì bá ara wọn sọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa béèrè náà ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá bi àgbàlagbà pé "Ṣé gèlè pupa ni màmá wé?", á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí kò fẹ́ já yín kulẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé: "Ẹ dijú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí fọ́tò ní apá òsì, ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Kí lẹ rí?" Lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ṣòro, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ohun tí wọn kò ránti láti ọjọ́ pípẹ́ ti máa ń jáde. Fóònù mi ń gba ohùn wọn sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, mo sì ti tọrọ àyè kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, sọ fún mi pé ìró wáàsì aláwọ̀ ewé ni ìyá mi ró nínú fọ́tò náà, pé òdòdó pupa ló wà lára rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ mi. Àfi ìgbà tí mo rántí pé fọ́tò dúdú àti funfun ni. Kò sí bí ojú ẹnikẹ́ni ṣe lè rí ewé tàbí pupa nínú rẹ̀. Àǹtí mi kò purọ́. Aṣọ náà gan-an ló mọ̀, ó ti fọwọ́ kàn án rí, ó ti yá a ró rí. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú fọ́tò àti ohun tí ọkàn rẹ̀ mọ̀ nípa aṣọ ti wọnú ara wọn. Mo bi í pé níbo ló ti mọ àwọ̀ aṣọ yẹn. Ìgbà náà ló sọ fún mi pé Ìmẹ̀kọ, lódìkejì ààlà, ni ìyá mi ti rà á, pé owó àkàrà oṣù mẹ́ta ló fi san án. N kò gbọ́ ìyẹn rí láyé mi. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni mo ń pín ìwé mi sí: ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n mọ̀, àti ohun tí wọ́n ń fọkàn rò. Ẹ lè fi àwọ̀ dán an wò fún ti yín náà bí kì í bá ṣe fọ́tò aláwọ̀.

Ní ti ọdún rẹ̀, ẹni méjì sọ fún mi pé òǹtẹ̀ ayàwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kọ DAHOMEY sí. Ní 30 Oṣù Kọkànlá 1975 ni orílẹ̀-èdè wa di Bénin. Èmi ni ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá mi, 1974 ni wọ́n sì bí mi. Gbogbo wọn ló gbà pé mo ti ń dá jókòó láìsí ẹni tó dì mí mú. Ayàwòrán lè máa lo òǹtẹ̀ àtijọ́ lẹ́yìn tí orúkọ ti yí padà, nítorí náà n kò fi òǹtẹ̀ yẹn búra. "Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jókòó" ni mo sọ níbi ìsìnkú, ó sì dùn létí ju ọdún lọ.

Ọwọ́ òsì ìyá mi ló wá fún mi ní ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ náà wà ní èjìká mi. Àǹtí mi ní ó wà lórí orúnkún rẹ̀. Bàbá àbúrò, ìyẹn àbúrò bàbá mi, sọ pé òun kò rí ọwọ́ kankan. Nígbà tí ẹ̀rí bá ta kora báyìí, ẹ má ṣe yan èyí tó dùn mọ́ yín. Ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà. Ìyàwó ilé wa àtijọ́ kan ló ṣẹ́kù, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mi ò sọ ohun tí àwọn yòókù wí fún wọn. Mo kàn ní kí wọ́n sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Wọ́n ní ayàwòrán ta aṣọ ìbùsùn mọ́ ògiri, ó ní kí ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀, ìyá mi sì kọ̀. Epo gbígbóná ti ta sí i lọ́wọ́ òsì níbi tó ti ń dín àkàrà ní ìdájí ọjọ́ kejì ọjà, ọwọ́ náà ti wú, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ ìró. Ìró aláwọ̀ ewé náà ni.

Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ya ìwé tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀. Nǹkan mẹ́rìnlélógún ni mo ti tò síbẹ̀, àga, bàtà, ògiri, ẹni tó dúró lápá ọ̀tún ẹni tó dúró lápá òsì. Etí èèyàn kò lè gbé gbogbo ìyẹn, torí kò sí fọ́tò níwájú wọn tí wọ́n lè máa wò. Nǹkan mẹ́ta ni mo mú: ibi tí ìyá mi jókòó sí, èmi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àti ọwọ́ tí kò hàn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ẹbí, fọ́tò kan wà tí ẹ kò ní rí lónìí, torí ó ti sọnù. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu yà á fún yín. Obìnrin kan jókòó síwájú aṣọ ìbùsùn tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Ọmọ kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jókòó. Ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà wà lórí ikùn ọmọ. Ẹ wá ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ kò rí i. Àwa náà kò rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún."

Mo dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti epo, ti owó àkàrà oṣù mẹ́ta, àti ti Ìmẹ̀kọ. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ni mo tó pe orúkọ rẹ̀, tí àwọn obìnrin ilé sì gba oríkì rẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹ má fi oríkì ṣíwájú. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké e, ohùn yín kò ní tún yọ mọ́.

Àṣìṣe kejì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, ó sì ṣì ń dùn mí. Mo ní bàbá mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá mi. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó kàn wù mí ni. Bí mo ṣe jókòó, Bàbá àbúrò dìde níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ká ní mo ti ka ìwé mi sí wọn létí kí ọjọ́ náà tó pé ni, wọn ì bá ti sọ ọ́ fún mi nínú yàrá.

Ní ti gígùn, ẹ ka á sókè kí ẹ sì wo aago. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ni èmi ń kà ní ìṣẹ́jú kan tí mo bá rọra sọ ọ́. Ní Àjàṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn àna yín tó ń sọ Ègùn wà níbẹ̀, kí ẹnì kan sì máa túmọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ni àkókò yín, nítorí náà ẹ gé ọ̀rọ̀ náà sí ìdajì, kí ẹ sì jẹ́ kí ògbufọ̀ kà á ṣáájú kó lè mọ ibi tí ẹ máa dákẹ́ sí.

Nínú ohun tí ẹ júwe, n kò tíì gbọ́ ibi tí ọwọ́ bàbá wà bí wọ́n ṣe dúró lẹ́yìn màmá. Nínú ọmọ márùn-ún náà pẹ̀lú, ta ló fara ti ta? Ta ni kò wo ojú ẹ̀rọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tó ṣì wà láàyè, lónìí tí ọ̀sẹ̀ kò tíì ká. Òun kan náà ni kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí létí ní alẹ́ Jímọ̀.