"Y" àti "en" nínú èdè Faransé: kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rọ́pò, ibo la sì ń fi wọ́n sí?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mò ń kọ́ Faransé nítorí ọjà tí mo máa ń lọ rà ní Kútọnu. Y àti en ló ń dà mí láàmú. Ìgbà wo ni mo máa lo èyí, ìgbà wo ni mo máa lo ìyẹn, ibo ni n ó sì fi wọ́n sí nínú gbólóhùn?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú ohun tí ẹ fẹ́ rọ́pò ni kí ẹ máa wò. Bó bá jẹ́ à, y ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni dans, sur tàbí chez, bó bá jẹ́ ibi kan ni wọ́n ń tọ́ka sí. Àmọ́ bó bá jẹ́ de, pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ du, de la àti des, en ni. Je vais à Cotonou á di J'y vais. Je viens de Cotonou á di J'en viens.

Ẹ má jẹ́ kí Yorùbá yan èyí tí ẹ máa lò fún yín o. Àwa ń sọ pé "mò ń ronú nípa ẹ̀", a tún ń bi èèyàn pé "kí lẹ rò nípa ẹ̀?" "Nípa" kan náà là ń lò. Àwọn Faransé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Penser à ni kí nǹkan wà lọ́kàn ẹni, nítorí náà J'y pense. Èrò tí èèyàn ní sí nǹkan, penser de ni, ìyẹn ló fi jẹ́ Qu'est-ce que vous en pensez ? Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ẹ kọ́ à tàbí de tó ń bá a rìn pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti mọ avoir besoin de, ẹ ti mọ J'en ai besoin nìyẹn.

Bó bá jẹ́ èèyàn là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀nà yà. Je pense à ma mère kì í di J'y pense, Je pense à elle ni. Je parle à ma mère náà, Je lui parle ni.

Ibi tí àwa Yorùbá ti sábà máa ń ṣì í ni ti iye. Ká ní ẹ dé ìdí iṣu lọ́jà Dantokpa, tí oníṣu bi yín pé Vous voulez combien d'ignames ? Ní Yorùbá, "mo fẹ́ mẹ́ta" ti parí ọ̀rọ̀, a ò nílò ohunkóhun tó máa dúró fún iṣu. Ẹni tó bá gbé e bẹ́ẹ̀ wọnú Faransé á sọ pé Je veux trois. Oníṣu á gbọ́ yín, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò pé. J'en veux trois ló tọ́: en dúró fún iṣu, trois sì dúró sáyè rẹ̀ lẹ́yìn. Iye kì í bá orúkọ lọ. J'en veux nìkan á jẹ́ "mo fẹ́ nínú ẹ̀", láìsọ iye. Ẹ ṣọ́ra fún les náà o! Je les prends túmọ̀ sí pé gbogbo èyí tó wà níwájú yín lẹ fẹ́ kó, oníṣu sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Ní ti ibi tí wọ́n ń wà, tiwa máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi "mò ń lọ síbẹ̀", ṣùgbọ́n y àti en máa ń ṣáájú rẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, iwájú avoir tàbí être ni wọ́n ń wà: J'en ai acheté trois, J'y suis allé. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe méjì bá tẹ̀ léra, èyí tí wọ́n jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣáájú, ìyẹn Je vais en acheter trois, nítorí rírà ló ni iṣu, kì í ṣe lílọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló wà, ne àti pas á wá ká wọn mọ́ àárín: Je n'en veux pas.

Àṣẹ nìkan ló yí i padà. Bí ẹ bá ń sọ pé kí ẹnì kan ṣe nǹkan, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú àmì ìsopọ̀: Vas-y, Achètes-en trois. Va àti achète kì í ní s nínú àṣẹ, àmọ́ s yọjú níbí kí fáwẹ̀lì méjì má baà forí gbárí. Bó bá jẹ́ "má ṣe" ni, wọ́n á padà síwájú: N'y va pas. Ọ̀rọ̀ fáwẹ̀lì yìí náà ló fà á tí wọ́n fi ń sọ J'irai lásán dípò J'y irai.

Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, y ló ń ṣáájú en. Ẹ máa gbọ́ ọ lọ́jà nígbà tí ọjà bá tán: Il n'y en a plus. Il y a ni "ó wà", en dúró fún iṣu tí ẹ ń béèrè, ne àti plus sì ni "kò sí mọ́".