Ọfusáìdì: ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ni kí o wò

Ìbéèrè: Báwo ni ọfusáìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, kí ló sì dé tí ohùn rẹfirí àti òǹwòran kì í ṣọ̀kan lórí rẹ̀?

Òfin 11 ló sọ ọ́. Agbábọ́ọ̀lù wà ní ọfusáìdì bí orí, ara tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà ní ìdajì pápá àwọn alátakò, tó sì sún mọ́ ìlà góólì wọn ju bọ́ọ̀lù àti alátakò kejì láti ẹ̀yìn lọ. Apá àti ọwọ́ kò sí nínú ìṣirò. Bó bá dọ́gba pẹ̀lú alátakò náà, kò sí ọfusáìdì.

Àsìkò ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ìgbà tí ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù fẹsẹ̀ kàn án ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ká ní agbábọ́ọ̀lù náà dọ́gba pẹ̀lú alátakò kejì láti ẹ̀yìn nígbà yẹn, tó ń sá mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí bọ́ọ̀lù sì lo ìṣẹ́jú-àáyá kan lójú ọ̀nà. Bí alátakò náà bá dúró, mítà 8 ni yóò fi kọjá rẹ̀ kó tó gba bọ́ọ̀lù. Bó bá gbá a wọlé, góólì yẹn tọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni ojú òǹwòran ń tẹ̀ lé, nítorí náà àlàfo yẹn nìkan ló rí.

Fídíò pàápàá ní ààlà. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá yóò pàdánù sẹ̀ǹtímítà 16 nínú eré ẹni yìí láàárín àwòrán méjì.

Dídúró ní ipò ọfusáìdì nìkan kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rárá, ṣùgbọ́n tó dí aṣọ́lé lójú, rẹfirí lè fagi lé góólì, èrò tirẹ̀ ló sì máa pinnu ìyẹn.