Èlé tó ń dín lóṣooṣù lórí owó tí a fẹ́ fi ra ṣọ́ọ̀bù

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Ààfáà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ yá mi ní 1,200,000 kí n fi ra ṣọ́ọ̀bù. Oṣù 12 ni n ó fi san án, èlé 2 nínú 100 lóṣù, àmọ́ orí owó tó bá ṣẹ́kù lọ́rùn mi nìkan ni wọ́n á ti máa ṣírò rẹ̀. Èló ni n ó san lápapọ̀? Ṣé ribá ni èyí náà, nígbà tó jẹ́ pé ó ń dín?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàlámù, arákùnrin wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, torí inú ìṣirò náà ni ìdájọ́ ti máa hàn.

Ẹ pín 1,200,000 sí ọ̀nà 12, ojú owó tí ẹ ó máa dá padà lóṣù jẹ́ 100,000. Lóṣù kìíní, gbogbo gbèsè náà ló ṣì wà lọ́rùn yín, èlé rẹ̀ jẹ́ 24,000, ẹ ó san 124,000. Lóṣù kejì, gbèsè ku 1,100,000, èlé jẹ́ 22,000, ẹ ó san 122,000. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi 2,000 dín títí dé oṣù kejìlá, tí èlé á ku 2,000 péré. Láti rí àròpọ̀ èlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi èlé oṣù kìíní ṣe ìlọ́po 13, ìyẹn iye oṣù pẹ̀lú ẹyọ kan, kí ẹ sì pín in sí méjì:

24,000 × 13 ÷ 2 = 156,000

Àpapọ̀ ohun tí ẹ ó san nìyẹn: 1,356,000. Ká ní wọn kì í dín in, 24,000 lọ́nà 12 á fún wa ní 288,000. Ẹni tó bá rí 24,000 nínú káàdì rẹ̀ lóṣù kejì, kó mọ̀ pé wọn ò bá a dín nǹkan kan.

Ní ti ìdájọ́, ribá ni 156,000 yẹn. Dídín tó ń dín kò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, òun gan-an ló tú u fó. Àwọn kan máa ń ní owó iṣẹ́ akọ̀wé ni. Owó iṣẹ́ tó jẹ́ òótọ́ kò léèwọ̀, bíi owó ìwé àti owó ẹni tó ń kọ ọ́, tí kò bá ju ohun tí wọ́n ná lọ. Àmọ́ ẹ wò ó: ṣé kíkọ orúkọ yín sínú ìwé lóṣù kìíní le ní ìlọ́po 12 ju ti oṣù kejìlá lọ ni? Iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tó ń yí padà ni iye gbèsè, torí náà owó ni wọ́n ń gbà lórí owó. Ọlọ́hun sọ nínú Súrátul-Bákárà, aaya 275, pé Òun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Òun sì ṣe ribá ní èèwọ̀. Nínú hádíìsì Jábìrù tí Ìmáàmù Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́bi lé ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń san án, ẹni tó ń kọ ọ́ àti àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ san án wà níbẹ̀. Pé èrè ẹgbẹ́ á padà kàn yín lópin ọdún kò yí i padà.

Ọ̀nà wà, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò tọ̀ ọ́. Kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù náà ní 1,200,000 lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó gba ìwé àti kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni kó wá tà á fún yín ní 1,356,000, kí ẹ máa san 113,000 lóṣù fún oṣù 12. Iye kan náà ni, ṣùgbọ́n òwò ni èyí, torí ẹgbẹ́ ta ohun tó ti di tirẹ̀. Ànábì sọ fún Hákíìmù ọmọ Hìsáámù pé kó má ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí ẹgbẹ́ kó owó lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n ní "ẹ bá wa rà á", kí ẹ sì ti tọwọ́ bọ̀wé gbèsè lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bi wọ́n léèrè: tí ṣọ́ọ̀bù náà bá jóná kó tó di pé ẹ ta á fún mi, ta ló pàdánù? Tí wọ́n bá ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yáwó ni wọ́n kàn wọ láṣọ òwò. Iye tí ẹ bá sì ti fẹnu kò lé kò gbọdọ̀ gòkè mọ́, bí ẹ tilẹ̀ pẹ́ kí ẹ tó san.

Ẹni tó ti wà nínú èyí tó ní èlé, kó ronú pìwà dà, kó sì tètè san ojú owó tó kù. Bí ó bá san 800,000 tó kù tán lẹ́yìn oṣù kẹrin, èlé oṣù mẹ́jọ tó kù, tí í ṣe 72,000, ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀.