Oògùn ibà kan náà, iye méjì
Ìbéèrè: Ní famasí kan ní Àjàṣẹ́, wọ́n fi Koatẹ́ẹ̀mù hàn mí, àti òmíràn tí owó rẹ̀ kéré gan-an. Ṣé èyí á ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Á ṣiṣẹ́. Ẹ wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá lára páálí. Oríṣi hóró Koatẹ́ẹ̀mù kan ní atẹmẹ́tà mílígíráàmù 20 àti lumẹfantírìnì 120. Bí òmíràn bá ní èròjà méjèèjì yìí ní iye kan náà, oògùn kan náà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ló náwó dán an wò lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, ó sì ń gba owó yẹn padà lọ́wọ́ yín. Àwọn tó tẹ̀lé e kò tún ìdánwò ńlá yẹn ṣe. Kí wọ́n ṣáà fi hàn pé tiwọn ń wọnú ẹ̀jẹ̀ bákan náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, orí àtẹ ọjà ni kí ẹ má ti rà á: oòrùn ń bà á jẹ́, ayédèrú sì pọ̀ níbẹ̀.