Ìdí tí 2 fi jáde, tí kì í sì í ṣe ìdáhùn

“Ẹ káàsán, ọ̀gá. Nínú iṣẹ́ tí ẹ fún wa, mo yanjú √(x + 7) = x − 5, mo sì rí 9 àti 2. Ẹ fa igi pupa gba orí 2. Mo ti tún iṣẹ́ náà kà lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í.”

Gbogbo kíláàsì ni mo ń dá lóhùn, torí igi pupa yẹn kò mọ sí ìwé ẹnì kan.

Kò sí ìlà kan tó wọ́ nínú iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kíka iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yàtọ̀ sí dídán ìdáhùn wò. Ẹni tó ń tún iṣẹ́ ara rẹ̀ kà, ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà náà ló tún ń gbà, ohun tí ojú rẹ̀ fò lákọ̀ọ́kọ́ á sì tún fò ó. Ẹ mú nọ́ńbà tí ẹ rí, kí ẹ fi rọ́pò x, kí ẹ ṣírò apá òsì lọ́tọ̀, kí ẹ ṣírò apá ọ̀tún lọ́tọ̀.

Ẹ fi 9 sí i. Apá òsì: √(9 + 7) = √16 = 4. Apá ọ̀tún: 9 − 5 = 4. Ó bára mu. Ẹ wá fi 2 sí i. Apá òsì: √(2 + 7) = √9 = 3. Apá ọ̀tún: 2 − 5 = −3. 3 kì í ṣe −3, nítorí náà 2 kò wọlé.

Níbo ni 2 ti wá? Kí àmì rúùtù lè kúrò, ẹ sọ apá kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: x + 7 = (x − 5)². Ìyẹn di x² − 11x + 18 = 0, tí í ṣe (x − 9)(x − 2) = 0. Ibi tí ẹ ti sọ apá kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. 3 × 3 jẹ́ 9, −3 × −3 náà jẹ́ 9: àmì òdì ti parẹ́, ìdọ́gba tuntun kò sì lè dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Rúùtù tí a kọ báyìí kì í sì í bí nọ́ńbà òdì, nítorí náà x − 5 kò gbọdọ̀ kéré sí 0. Ẹni tó bá rí ìyẹn á ti máa fura sí 2 kó tó ṣírò rárá.

Ìlà tó wà nínú ìbéèrè gan-an ni kí ẹ fi nọ́ńbà sí o, kì í ṣe ìlà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Ẹ fi 2 sínú x² − 11x + 18: 4 − 22 + 18 jẹ́ 0. Ó yege pátápátá! Ìlà tó bá ti wà lẹ́yìn ibi tí nǹkan ti yí, ìdáhùn tó yí náà ni yóò máa gbè.

Irú ẹ̀ wà nínú ìdọ́gba méjì pẹ̀lú. Ká ní oníṣòwò kan ní ọjà Ìgbóná ta àdìrẹ 12, ńlá ní ₦6,000, kékeré ní ₦4,000, gbogbo owó sì jẹ́ ₦58,000. Ẹ fi x ṣe ńlá, y ṣe kékeré: x + y = 12, 6x + 4y = 58, tí a bá ka owó ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún. Ẹ fi 12 − x rọ́pò y: 6x + 4(12 − x) = 58. Ọ̀pọ̀ yín á kọ 6x + 48 − x = 58, torí 4 ti ìta àkámọ́ kan 12, kò kan x. Ìyẹn á fún yín ní x = 2, y = 10.

Ẹ dán an wò nínú ti àkọ́kọ́: 2 + 10 = 12. Ẹ má tíì yọ̀. Láti inú ìdọ́gba yẹn gan-an ni ẹ ti fa y yọ, nítorí náà kò sí iye x tí kò ní bá a mu. Ìkejì ni ẹlẹ́rìí tòótọ́: 12 + 40 = 52, ₦6,000 ti sọnù. Bí ẹ bá fi 4 kan x, 6x + 48 − 4x = 58, x á di 5, y á di 7. 30 + 28 = 58.

Ohun kan wà tí ọ̀nà yìí kò lè bá yín mú: ìdáhùn tó ti bọ́ sílẹ̀. Nínú x² = 5x, ẹni tó fi x pín apá méjèèjì á rí x = 5. Bó bá dán an wò, 25 = 25, ó yege, ṣùgbọ́n 0 ti bọ́, kò sì sí ohun tó máa sọ fún un. Nọ́ńbà tí ẹ ní lọ́wọ́ nìkan ni a lè dán wò. Irú ìyẹn, ẹ má fi x pín in; ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, x(x − 5) = 0, 0 àti 5 á jọ jáde.