Ẹ má pè wọ́n ní àlejò

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò wa ní Akúrẹ́ fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọdún 15 tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Èmi ni alága, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ráńpẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí gbogbo èèyàn láìfi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ?"

Ìyá alága, ẹ kú oríire. Mo ṣe alága ẹgbẹ́ àdúgbò fún ọdún 6 ní ọ̀nà Ọ̀dà, ní Akúrẹ́ yìí kan náà. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ ló ṣì ń dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe nígbà náà, torí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà yín gan-an ni mo ti ṣì í.

Àjọ̀dún ọdún 10 wa ni. Mo kọ ojú ìwé 3. Mo kí Kábíyèsí, mo kí àwọn olóyè, mo kí alága ọjọ́, mo wá ń kí àwọn onílé lórúkọ bí mo ṣe ń rí wọn lórí ìjókòó. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni mo tó ní, "A sì kí ẹ̀yin ayálégbé wa àti ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ wá láti ẹ̀yà mìíràn." Lójú tèmi, ọ̀yàyà ni mo ń ṣe. Ọkùnrin Ìgbò kan wà níbẹ̀ tó ń ta páàtì mọ́tò. Ó ti lo ọdún 19 ládùúgbò náà, kí a tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tí tíráńsífọ́mà wa jó, òun ló ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé tó ń gba owó jọ, tó sì ń fi ìwé hàn wá lálaalẹ́. Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ yẹn tán, òun àti ìyàwó rẹ̀ rọra dìde, wọ́n lọ. Oúnjẹ kò tíì dé.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, kò wá sí ìpàdé. Ìdílé Ìgbìrà méjì náà kò wá. Èmi àti akọ̀wé bá lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Kò pariwo, ó gbé omi fún wa. Ohun tó bi mí ni pé, "Alága, ọdún wo ni mo máa ṣe àlejò dà?" Mi ò rí èsì fún un títí a fi dìde.

Ìyá alága, ẹni tó bá wá lónìí tí yóò padà sílé rẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ ni àlejò. Àwọn tí ẹ fi ìwé pè láti àdúgbò mìíràn, àlejò ni wọ́n, ẹ kí wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù, tí ọmọ rẹ̀ ń bá ọmọ yín ṣeré, ará ilé ni. "Ayálégbé wa" náà kò dára tó bẹ́ẹ̀ létí, ó ń dún bíi pé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. Ohun tí mo ṣe lọ́dún tó tẹ̀lé e ni pé mo fi òpópónà kí wọn. Òpópónà 5 ni a ní. Mo pe ìkọ̀ọ̀kan, mo sì dánu dúró díẹ̀ kí wọ́n lè dáhùn. Onílé, ayálégbé, Yorùbá, Ìgbò, Hausa, gbogbo wọn ló rí ara wọn nínú orúkọ òpópónà wọn, ẹnikẹ́ni kò sì wà lẹ́yìn ẹnìkan. Ọkùnrin páàtì mọ́tò yẹn juwọ́ sókè nígbà tí mo pe tiwọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ èèyàn. Bí ẹ bá dárúkọ ẹni 10, ẹni kọkànlá ni yóò bá yín jà. Kábíyèsí tàbí ẹni tó ṣojú rẹ̀, alága ọjọ́, ó tó. Ẹ wá ní, "Mo dúró lórí ìkíni tó ti wà nílẹ̀." Àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ kí wọn pọ̀. Àwọn tó ti kú nínú wọn, ẹ má kà wọ́n lórúkọ, gbólóhùn kan tó. Bí Déjì bá rán olóyè wá, ẹ kọ́kọ́ kí Kábíyèsí kí ẹ tó pe olóyè náà, kí ẹ sì fi oyè rẹ̀ pè é. Ẹ tẹ ààfin láago lọ́jọ́ tó ṣáájú láti mọ ẹni tó ń bọ̀. (Ẹni tó bá ń ka èyí ní ìlú Oǹdó: bí Lóbùn bá wà níjókòó, ẹ má dà á mọ́ "ẹ̀yin ìyá wa". Ọba obìnrin ni.)

Ìṣẹ́jú 4 ni kí ẹ gbà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ kánópì, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn, ojú ìwé kan tí ẹ fi ọwọ́ kọ yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, torí ẹ ó máa dúró kí èèyàn dáhùn. Ẹ̀yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti orin orílẹ̀-èdè ni tiyín, kí alága ọjọ́ tó sọ̀rọ̀. Ìròyìn iṣẹ́, ti akọ̀wé ni. Owó, ẹ má fẹnu bà á rárá. Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ sínú tèmi nígbà kan, mo sì ń wò ó bí ojú àwọn èèyàn ṣe ń yí padà.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, báyìí ni n óò ṣe sọ ọ́:

"Kábíyèsí, Déjì ti Akúrẹ́, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Alága ọjọ́, a kí yín. Mo dúró lórí ìkíni tó ti wà nílẹ̀. Ọdún 15 sẹ́yìn, àwọn èèyàn díẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí a máa ṣọ́ ara wa lóru. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lọ́jọ́ náà, ẹ ṣeun. Àwọn tó ti lọ nínú yín, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ará òpópónà kìíní, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin ará òpópónà kejì, ẹ káàbọ̀. (Ẹ pe gbogbo wọn tán.) Ẹ̀yin tí a bí síbí, ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé dé ibí, ẹ̀yin tí ẹ kó dé lóṣù tó kọjá, ilé yín nìyí. Ọlọ́dẹ wa, tí o wà lẹ́nu géètì bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ tìrẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá bá wa yọ̀, a ó gbé ẹ̀yẹ wá bá yín padà. Ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Ẹ káàbọ̀ o."

Ẹ fi orúkọ òpópónà yín sí i. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ kà á sí etí ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, kí ẹ bi í pé ibo ló ti gbọ́ ìkíni tirẹ̀. Bí ó bá ní láti ronú kó tó dáhùn, ẹ tún ibẹ̀ kọ. Ẹ má sì gbàgbé láti sọ fún àwọn olóúnjẹ nípa ti ọlọ́dẹ yẹn, torí gbogbo èèyàn yóò máa wò bóyá wọ́n gbé e fún un.